Iṣu Ìdúpẹ́ Bàrákátù

Ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́ ọ̀rọ̀: ẹni tó ń tijú ni yóò fi ebi sùn. Ọdún méjì ni Bàrákátù fi jókòó sílé l'Ọ̀rà lẹ́yìn tó parí ìwé, kó tó rí ibi kọ́ṣẹ́ fún oṣù mẹ́fà ní yàrá káàdì ilé ìwòsàn aládàáni kan n'Ílá. Ọ̀kadà ló ń gùn lọ, kò sì pẹ́ dé ibi iṣẹ́ rí. Kó tó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ níbẹ̀, aláìsàn á jókòó ọgbọ̀n ìṣẹ́jú kí wọ́n tó rí káàdì rẹ̀. Ọmọbìnrin yìí tún gbogbo káàdì tò ní nọ́ńbà, ó kọ orúkọ oníkálukú sínú ìwé ńlá kan, ìṣẹ́jú márùn-ún ti wá tó. Àràárọ̀ ló ń kọ iye ìṣẹ́jú tí aláìsàn fi dúró sínú ìwé kékeré kan. Àmọ́ inú báàgì rẹ̀ nìwé ọ̀hún ń gbé. Ìyá rẹ̀ Wàsílátù, aránṣọ, ti kìlọ̀ fún un pé ọmọlúàbí kì í yin ara rẹ̀, àwọn àgbà á rí i fúnra wọn.

Àgbà ò rí nǹkan kan.

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí oṣù mẹ́fà náà pé, ìyá di iṣu mẹ́ta fún un. Ó ní, "Lọ dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ, wọ́n á ní kó o dúró." Áà, Wàsílátù! Nílẹ̀ wa níbí, ẹni tó gbé iṣu wá dúpẹ́, ó ń lọ nìyẹn. Ìyáàfin Ọláyọdé, alákòóso ilé ìwòsàn, gba iṣu, wọ́n ní, "Ọlọ́run á la ọ̀nà fún ọ níbi tí ò ń lọ." Bàrákátù kúnlẹ̀, ó ṣe àmín. Ó wọ yàrá káàdì, ó sunkún títí ojú rẹ̀ fi wú. Ọdún méjì mìíràn nílé ló ń rò.

Lọ́jọ́ kejì, nọ́ọ̀sì Peace sọ fún un pé wọ́n ti ń wá ẹlòmíràn síbẹ̀. "Wọ́n ní o ò fẹ́ dúró."

Ó mú ìwé kékeré náà, ó lọ bá ọ̀gá.

"Mà, mi ò wá dágbére lánàá. Iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbà mí pátápátá."

Ìyáàfin Ọláyọdé yẹ ìwé náà wò ní ojú ewé kọ̀ọ̀kan. "Mo rò pé Peace ló tún àwọn káàdì tò."

"Èmi ni, mà."

"Kí ló dé tí o ò sọ?"

"Mo ń retí kí ẹ bi mí ni."

"Èmi náà ń retí kí o bèèrè." Wọ́n ní kó kọ lẹ́tà ìwáṣẹ́, àwọn á gbé lẹ́tà náà àti ìwé kékeré yẹn lọ bá dókítà tó ni ibẹ̀. Ní ọ̀sán, dókítà fọwọ́ sí i: oṣù mẹ́ta ìdánwò, lẹ́yìn náà yóò di òṣìṣẹ́ gidi. Ìyáàfin Ọláyọdé bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, wọ́n fa iṣu yọ lábẹ́ tábìlì. "Gbé e lọ. Ẹni tí kò lọ kì í dágbére."

Wàsílátù rí i lórí ọ̀kadà lókèèrè, tòun ti iṣu mẹ́ta. Ó rò pé wọ́n kọ̀ ọ́ tiṣutiṣu. Ó gbé ọwọ́ lórí, ó bú sẹ́kún kí ọmọ rẹ̀ tó rí àyè sọ̀rọ̀.