Orí Tó Yí Sẹ́yìn

Apá-Irin ni wọ́n ń pe ọkùnrin náà, torí ó gbà pé kò sí ohun tí òun fà tí kò ní wá. Láàárọ̀ ọjọ́ kan, ẹgbọrọ màlúù rẹ̀ ń rọbí àkọ́kọ́. Nígbà tí omi rẹ̀ já, ìyàwó Apá-Irin ní kí wọ́n fi í sílẹ̀ ná, ẹni tó ń rọbí, a kì í kán an lójú. Ìyẹn tọ́. Ṣùgbọ́n ó lé ní wákàtí méjì lẹ́yìn náà, màlúù ń fipá tì, ó ń kérora, pátákò méjì péré ló yọ.

"Abẹ́ wọn kọjú sílẹ̀," ni Apá-Irin wí. "Ẹsẹ̀ iwájú ni. Ó ti dé!"

"Imú ọmọ wá ńkọ́?" ni ìyàwó rẹ̀ béèrè.

Ìyàwó fi ọṣẹ fọ ọwọ́ dé ìgbọ̀nwọ́, ó tì í wọnú màlúù. Ibi tó yẹ kó ti bá imú lórí orókún méjèèjì, ọrùn tó ká sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló bá. Ó fún pátákò kan, ọmọ náà fa ẹsẹ̀ padà.

"Ó ṣì wà láàyè! Orí rẹ̀ ló yí sẹ́yìn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má fà á. Ẹ pe dókítà ẹran."

Àbúrò Apá-Irin ni dókítà ọ̀hún. Látìgbà tí wọ́n ti pín ilé bàbá wọn ni wọn ò ti kí ara wọn mọ́.

"Ọmọ tí mo pọ̀n sẹ́yìn ni kí n máa bẹ?"

Ó so okùn mọ́ ẹsẹ̀ méjèèjì, ó so ìdí okùn mọ́ katakata. Ìyàwó dúró síwájú ẹ̀rọ, Apá-Irin tì í ṣubú. Obìnrin náà sáré lọ yá fóònù aládùúgbò. Ó ń pe dókítà lọ́wọ́ nígbà tó gbọ́ ariwo katakata àti igbe màlúù.

Dókítà dé, ó ti ọwọ́ wọlé, ẹ̀jẹ̀ sì bò ó dé èjìká.

"Ìyàwó wa, ó ti bọ́. Ilé ọmọ ti ya, ọmọ ti kú." Ó kọjú sí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. "Ńṣe là bá rọra ti ọmọ yìí padà nígbà tí ìyá rẹ̀ bá ń sinmi, ká wá fọwọ́ bo ẹnu rẹ̀, ká fa orí rẹ̀ bọ̀ sójú ọ̀nà. Bí ẹ ṣe ń fà á, bẹ́ẹ̀ ni orí ń há sí i. Màlúù yín ò lè yè mọ́; ẹ wá di orí rẹ̀ mú, kí n fún un ní abẹ́rẹ́ tí yóò fi kú láìjìyà."

Apá-Irin ò mira. Ìyàwó ló di orí náà mú. Màlúù ń wò ó títí abẹ́rẹ́ fi ṣiṣẹ́.

Dókítà lọ tán, aládùúgbò yọjú. "Kí ló pa á?"

"Abẹ́rẹ́ àbúrò mi," ni Apá-Irin dáhùn. Ó yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Àbí irọ́ ni mo pa?"

Ìgbọ̀nwọ́ tí obìnrin náà fi ṣubú ṣì ń ṣẹ̀jẹ̀. Ó wolẹ̀. "Abẹ́rẹ́ ni."

Aládùúgbò mi orí. "Màlúù tèmi náà máa bí láìpẹ́. Ọlọ́run ló kó mi yọ, àbúrò yín ni mo ti fẹ́ pè."