Ojú Ìwé Tó Dán Jù

Bí èèyàn bá fẹ́ rí ìbínú Sùwébátù, kó gbé ojú ìwé kan lé e lọ́wọ́ tí lẹ́tà inú rẹ̀ ò bára mu. Á máa wò ó bí ẹni tó rí irun nínú ọbẹ̀. Ọmọ Pákátà ni, ní Ìlọrin, níbi tí ìwé àdúrà kì í ti í pé lójú ẹnikẹ́ni àfi tí Lárúbáwá bá wà lókè, tí Yorùbá wà láàárín, tí Gẹ̀ẹ́sì wà nísàlẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù Brọ̀dá Náfíù, lẹ́yìn ilé kéwú, ló ti ń to ìwé, àwọn èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí ló sì ń bá jìjàkadì lójoojúmọ́.

Ìwọ̀n kan náà lèèyàn á fún wọn, síbẹ̀ Lárúbáwá á kéré bí ẹsẹ̀ èèrà lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gẹ̀ẹ́sì. Bí àmì bá hù sórí hárúfù, ìyẹn lẹ́tà Lárúbáwá, ìlà á fẹ̀ níbi kan, á há níbòmíràn. Ti Yorùbá ló wá burú jù. Fọ́ǹtì, ìyẹn irú lẹ́tà tí kọ̀ǹpútà fi ń kọ̀wé, tí kò bá ní ẹ àti ọ, ṣe ni kọ̀ǹpútà á lọ yá a lọ́dọ̀ fọ́ǹtì mìíràn, lẹ́tà àyálò náà á sì sanra láàárín àwọn tó kù bí ẹni tó wọ agbádá wá sóko.

Gbogbo èyí ni Sùwébátù ti kọ́ bó ṣe ń tú u. Ohun kan ṣoṣo ló sì ń fẹ́ láyé: ìwé Alfa Múnírù.

Alfa Múnírù ló kọ́ ọ ní kéwú. Láti ìgbà tí irùngbọ̀n rẹ̀ ti dúdú ló ti ń túmọ̀ àwọn àdúrà sí Yorùbá àti Gẹ̀ẹ́sì, irùngbọ̀n náà ti wá funfun bí òwú báyìí. Gbogbo ilé ìtẹ̀wé Ìlọrin ló ń wá ìwé náà. Tí Sùwébátù bá jókòó lásán, ó máa ń rí i lójú inú: ẹ̀yìn rẹ̀ aláwọ̀ ewé, àwọn ìlà rẹ̀ tó ń tẹ̀ lé ara wọn wọ́ọ́rọ́wọ́, àti ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì, "Sùwébátù ló to lẹ́tà rẹ̀."

Nígbà tí Hájíà Ràmátà, àgbà obìnrin kan ládùúgbò, kú, tí wọ́n ní kí ṣọ́ọ̀bù wọn ṣe ìwé pẹlẹbẹ tó ní Fátíhà, orí tó ṣí Kùránì, àti àdúrà mìíràn tí Alfa túmọ̀, tí wọ́n máa pín níbi fìdáù, àdúrà òkú, ọjọ́ kẹjọ, Alfa yà síbẹ̀ lẹ́yìn ìrun àsárì láti wo bó ṣe ń lọ. Sùwébátù kúnlẹ̀ kí i, ó na ẹ̀dà àkọ́kọ́ sí i. Ó ti wá fọ́ǹtì kan tó ní gbogbo àmì Yorùbá, ó fi òun kan náà ṣe Gẹ̀ẹ́sì, ó sì wá ti Lárúbáwá kan tí lẹ́tà rẹ̀ nípọn bákan náà. Ó sọ Lárúbáwá di títóbi ju àwọn yòókù lọ, ó sì gba àwọn ìlà láàyè kí àmì má baà fara gbún ara wọn.

Alfa gbé ìwé náà sún mọ́ ojú, ó tún gbé e jìnnà.

"Sùwé, tẹ̀gbọ́n-tàbúrò ni àwọn èdè mẹ́tẹ̀ẹ̀ta yìí! Ìyá kan ló bí wọn!"

"Ẹ ṣé, Alfa."

"Yorùbá mi gan-an ní àmì bíi ti Lárúbáwá." Ó fi ìka tọ ìlà kan lọ, bó ṣe máa ń tọ wàláà, pátákó kéwú, nígbà tó ń kọ́ ọ. "Wò ó, tí ti Hájíà bá jáde báyìí, má wulẹ̀ bi mí mọ́. Ìwọ ni màá gbé ìwé mi fún."

Sùwébátù jẹ oúnjẹ lálẹ́ ọjọ́ náà, àmọ́ kò mọ adùn rẹ̀. Ìwé aláwọ̀ ewé ló ń jẹ.

Lọ́jọ́ kejì ni Alhaji Bùsárì, ọmọ olóògbé, dé láti Àbújá. Ó gbé ẹ̀dà náà, ó wò ó, ó fún ẹnu pọ̀.

"Ó dáa, ó dáa. Ṣùgbọ́n fọ́ǹtì yìí ti dàgbà jù. Mo ní èyí tí iléeṣẹ́ wa ń lò, òun ni mo fi ṣe káàdì, òun náà ni mo fi ṣe pátákó ojú ilé. Gbogbo nǹkan tó bá jáde nítorí ìyá mi gbọ́dọ̀ jọra."

"Alhaji, ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wò ó bóyá ó gba Yorùbá."

"Kí ló ń jẹ́ gba Yorùbá? Lẹ́tà kì í ṣe lẹ́tà ni?"

Brọ̀dá Náfíù rẹ́rìn-ín, ó fojú sọ fún Sùwébátù pé kó dákẹ́. "Á gbà á, Alhaji. Ọmọ yìí lè mú kí òkúta kọ 'ẹ'."

Fọ́ǹtì náà ò gbà á. Nígbà tí Sùwébátù fi fọ́ǹtì Alhaji sí i, Gẹ̀ẹ́sì ń dán bí omi inú àwo, Yorùbá sì rí ṣákáṣàka bí ara tó yọ ìléròrò. Gbogbo ẹ àti ọ ló sanra. Àmì tó yẹ kó wà lórí ọ̀ yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ bí fìlà ọ̀mùtí. Ìlà kan ṣoṣo, irú lẹ́tà méjì.

Ọ̀nà wà. Ó lè fi fọ́ǹtì Alhaji sílẹ̀ fún Gẹ̀ẹ́sì nìkan, kó sì wá òmíràn tó jọ ọ́ tó ní àmì fún Yorùbá. Wọn ì bá má jẹ́ ọmọ ìyá kan náà mọ́, ṣùgbọ́n wọn ì bá jẹ́ ọmọ bàbá kan. Ó dán an wò. Ojú rẹ̀, tó mọ ìyàtọ̀ ju ojú ẹlòmíràn lọ, ò gbà á. Yorùbá ga díẹ̀ ju Gẹ̀ẹ́sì lọ. Díẹ̀ náà ló ń gún un lójú.

Ó wá dán òmíràn wò, bí ẹní ń ṣeré. Ó sọ fún kọ̀ǹpútà pé kó wá gbogbo ẹ, kó sọ ọ́ di e. Ó wá gbogbo ọ, ó sọ ọ́ di o. Àwọn àmì orí tó kù wá dà bí eyín tó ṣẹ́kù lẹ́nu arúgbó, ó bá kó gbogbo wọn kúrò pátápátá. Ojú ìwé náà dákẹ́. Láti òkè dé ìsàlẹ̀, ó dán gbọ̀rọ̀gbọ̀rọ̀, kò sí ibi tí ojú lè fi kọsẹ̀.

"Brọ̀dá, mo bọ́ àmì Yorùbá o."

"Ta ló ń wo àmì? Ta ni ò mọ Fátíhà nínú Ìlọrin yìí?" Brọ̀dá Náfíù fọwọ́ gbá tábìlì. "Ó ga o, Sùwé! Bí ìwé òyìnbó!"

Ó mọ̀ pé ó yẹ kí Alfa rí i. Ó mọ ohun tí Alfa á sọ, ìdí nìyẹn tí kò fi gbé e lọ. Ó so fọ́ǹtì mọ́ fáìlì náà kí nǹkan kan má baà yí padà lọ́wọ́ àwọn tó máa tẹ̀ ẹ́, ó sì fi ránṣẹ́. Bó ṣe ṣe é náà ló ṣe jáde, rẹ́gírẹ́gí.

Níbi fìdáù, abẹ́ ìbòòji kún fọ́fọ́. Àwọn alfa jókòó sórí ẹní, àwọn obìnrin wà lápá òsì, oúnjẹ, mọ́sà àti wàrà, ń bọ̀ lẹ́yìn. Sùwébátù jókòó sẹ́yìn àwọn obìnrin, ó ń wo bí ìwé náà ṣe ń kọjá láti ọwọ́ dé ọwọ́.

Ìyá Àlàkẹ́, tó jẹ́ ìyàwó ilé fún olóògbé, tí ẹnu rẹ̀ kì í sinmi, ló kọ́kọ́ ṣí i.

"'Oba Olojo Esan,'" ó kà á sókè, ó dúró. "Ọlọ́jọ́ Ẹ̀sán kẹ̀? Ṣebí ọjọ́ kẹjọ la wá ṣe? Ẹ̀yin èèyàn, wọ́n á tún dáná lọ́la o!"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín sínú ìborùn wọn.

"Ìyá Àlàkẹ́, ẹ̀san ni, Ọlọ́jọ́ Ẹ̀san."

"Níbo ni wọ́n kọ ọ́ sí? Ẹ fi hàn mí." Ó sọ̀ kalẹ̀ lórí ìlà. "Ẹ gbọ́ èyí: 'Iwo nikan ni a n sin.' Ìwọ nìkan ni à ń sin! Háà! Hájíà nìkan la sin, àwa ò sin ẹlòmíràn. Àbí Ọlọ́run ni wọ́n ní a..." Ó fọwọ́ bo ẹnu ara rẹ̀. "Àsítáfúrúlà!"

Àwọn obìnrin dá ẹ̀rín dúró. Ẹnì kan ní, "Sìn ni wọ́n fẹ́ kọ." Òmíràn ní, "Kò sí sìn níbẹ̀." Ọ̀rọ̀ náà fò kọjá sọ́dọ̀ àwọn ọkùnrin. Sùwébátù rí Alhaji Bùsárì tó ń yí ojú ìwé pẹ̀lú ìkánjú, ó rí ọ̀dọ́ alfa kan tó ń fi ìwé bojú rẹ́rìn-ín. Lẹ́yìn náà ó rí Alfa Múnírù, tó gbé ìwé náà sún mọ́ ojú, tó tún gbé e jìnnà, bó ṣe ṣe lọ́jọ́sí.

Alhaji ò pariwo. Ó kàn ní kí wọ́n kó àwọn ìwé náà jọ, wọ́n sì kó wọn sínú àpò ìrẹsì kan, ojú dídán mọ́ ojú dídán.

Alfa Múnírù dúró de Sùwébátù lẹ́nu ọ̀nà. Sùwébátù kúnlẹ̀, kò lè gbójú sókè.

"Alfa, ẹ má bínú. Fọ́ǹtì Alhaji ni ò ní àmì."

"Mo gbọ́. Ṣé òun náà ló ní kí o bọ́ àmì?"

Ó tún etí ìborùn rẹ̀ ṣe.

"Mo bi ọ́ ni o, ọmọ mi."

"Èmi ni, Alfa. Kó lè jọra ni."

Alfa ṣí ìwé náà sí Fátíhà, ó nà án síwájú rẹ̀. Lókè, Lárúbáwá gún régé, gbogbo àmì rẹ̀ pé lórí hárúfù, kò sí ẹyọ kan tó bọ́.

"Ìwọ wo èyí. Tí o bá yọ ẹyọ kan nínú ti òkè yìí, ìwọ fúnra rẹ á pè é lẹ́ṣẹ̀. O ò yọ ọ́. O rí ti àárín, tó jẹ́ èyí tí ìyá rẹ fi bí ọ, o bọ́ ọ síhòòhò kó lè jọ ti Gẹ̀ẹ́sì." Kò gbé ohùn sókè rárá, ìyẹn ló dùn ún jù. "Dìde. Wàrà ti ń tán nínú ilé, lọ gba tìrẹ."

Kò sọ nǹkan kan nípa ìwé aláwọ̀ ewé. Sùwébátù náà ò bi í, nítorí ó ti ní kó má wulẹ̀ bi òun mọ́.

Nígbà tí òjò àkọ́rọ̀ rọ̀, ìwé Alfa Múnírù jáde láti ilé ìtẹ̀wé mìíràn ní òkèèrè ìlú. Brọ̀dá Náfíù ra ẹyọ kan, ó jù ú sórí tábìlì níwájú Sùwébátù.

"Wo ìyà! Ṣé iṣẹ́ nìyí?"

Iṣẹ́ burúkú ni lóòótọ́. Lárúbáwá kéré débi pé àgbàlagbà ò lè rí i láìlo awò. Gẹ̀ẹ́sì tẹ́ẹ́rẹ́, Yorùbá gbọ̀ọ̀rọ̀, gbogbo ẹ àti ọ sanra bí ìgbà tí wọ́n jẹ àjẹyó níbi àsè, ìlà fẹ̀ síhìn-ín, ó há sọ́hùn-ún. Orúkọ ẹnì kan tí kò mọ̀ rí wà ní ìsàlẹ̀ ojú ìwé kejì. Kódà ẹ̀yìn ìwé náà kì í ṣe aláwọ̀ ewé.

Ó ṣí i sí Fátíhà. "Ìwọ nìkan ni à ń sìn." Àmì orí 'ì' inú 'sìn' náà tẹ̀ síbi kan bí igi tí atẹ́gùn ti, ṣùgbọ́n ó wà níbẹ̀. Ó wá àmì kan tó sọnù lójú ìwé náà, ó wá a títí tí ojú fi ń dùn ún, kò rí ẹyọ kan.

"Wọn ò mọṣẹ́, àbí wọ́n mọ̀ ọ́n?" Brọ̀dá Náfíù ní.

"Wọn ò mọ̀ ọ́n, ẹ̀gbọ́n," ni Sùwébátù wí, ìka rẹ̀ ò sì kúrò lórí àmì kékeré náà.