Ọgbọ̀n Tó Dá Ọ̀tàlélọ́ọ̀dúnrún Dúró

Ní ọjọ́ kẹsàn-án oṣù Kẹta, ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ní aago mẹ́rin ìrọ̀lẹ́, ìyàwó Bàbá Síkúrù kú. Ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni wọ́n fi jọ gbé.

Tíṣà ni gbogbo ènìyàn, títí kan ọkọ rẹ̀, ń pe obìnrin náà, nítorí ó ń kọ́ni ní físíìsì ní ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́ ọwọ́. Bàbá Síkúrù ń gbẹ́ irin lórí léètì, ẹ̀rọ tí ń yí irin kí a lè gbẹ́ ẹ, nínú ṣọ́ọ̀bù tó wà lẹ́yìn ilé. Obìnrin a ṣírò, ọkùnrin a gbẹ́. Báyìí ni wọ́n ṣe kàn ẹ̀rọ mẹ́jọ tẹ́lẹ̀. Ẹ̀kẹsàn-án ni wọ́n ń ṣe lọ́wọ́ nígbà tí àìsàn dé: ẹ̀rọ tí ń lu ihò sí irin ìdè tí a fi ń so ilẹ̀kùn mọ́ ara ògiri. Kẹ̀kẹ́ irin ológójì kílò ni ọkàn rẹ̀. Kẹ̀kẹ́ yìí á yí, á kó agbára jọ, á sì dà á sórí irin lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo.

Ọ̀sẹ̀ kẹta lẹ́yìn ìsìnkú, lẹ́tà dé láti ọ̀dọ̀ àwọn tí ń yẹ ẹ̀rọ wò. Ọjọ́ Ẹtì ni wọ́n ń bọ̀. Bí kẹ̀kẹ́ bá ti wà lórí eré tí bíréèkì sì dì í mú, kò gbọdọ̀ yí ju ẹ̀ẹ̀mejì lọ kó tó dúró. Bí ó bá kọjá bẹ́ẹ̀, kí wọ́n tú ẹ̀rọ náà palẹ̀. Bàbá Síkúrù ka lẹ́tà náà lẹ́ẹ̀mejì, ó sì lọ wá ìwé ìṣirò Tíṣà.

Ojú ewé tó gbẹ̀yìn ni ohun tó ń wá wà. Ọwọ́ ìkọ̀wé náà ti ń gbọ̀n. Ó kà pé: *Ipá yíyí = ìlọ́ra × eré = 1.8 × 20 = 36. Bíréèkì wa: 30. Kò tó.* Tíṣà ti fa ìlà méjì sábẹ́ "kò tó".

Ìlọ́ra ni Tíṣà ń pe bí kẹ̀kẹ́ ṣe ń ṣagídí sí ẹni tó fẹ́ yí i tàbí tó fẹ́ dá a dúró. Ipá yíyí ni bí bíréèkì ṣe ń lọ́ ọ̀pá kẹ̀kẹ́ padà. Ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ọkọ rẹ̀ kò bá àṣìṣe kan nínú ìṣirò rẹ̀ rí. Bíréèkì tó tóbi ju èyí lọ kò sì lè wọ ibi tí wọ́n gbẹ́ fún un.

Àbúrò Tíṣà ọkùnrin, tó jẹ́ wẹ́dà tí ń jó irin pọ̀, wà níbẹ̀. Òun náà ka ìwé náà. Ó ní ẹni tó bí ọmọ ló mọ orúkọ tó sọ ọ́. Bí ẹ̀gbọ́n òun bá ní kò tó, kò tó náà nìyẹn. Ó ní kí àwọn gé kẹ̀kẹ́ náà sọ́tọ̀ kí àlejò tó dé, kí ojú má baà ti àwọn.

Bàbá Síkúrù gbé páànù irin kan wá. Ó mú ẹfun, ó bẹ̀rẹ̀ sí í kọ̀wé sára rẹ̀. Tíṣà ní àṣà kan tó fi dandan lé e lórí nídìí oúnjẹ fún ọ̀pọ̀ ọdún: kí o tó fi nọ́ńbà sínú fọ́múlà, kọ́kọ́ fi òṣùwọ̀n wọn apá méjèèjì wò. Bí wọn kò bá dọ́gba, irọ́ ni fọ́múlà náà, ì báà jẹ́ ọba ló kọ ọ́.

Ìlọ́ra: kílò, mítà, mítà. Eré: rédíàn, tí a fi ń mọ bí nǹkan ṣe yí tó, lórí ìṣẹ́jú àáyá, rédíàn kò sì ní òṣùwọ̀n tirẹ̀. Ó fi ọ̀kan sọ èkejì di púpọ̀: kílò, mítà méjì, àáyá kan lábẹ́. Ó yí sí apá kejì. Níútìn, tó jẹ́ òṣùwọ̀n ipá, lọ́nà mítà ni òṣùwọ̀n ipá yíyí. Níútìn fúnra rẹ̀ sì ni kílò, mítà kan, àáyá méjì lábẹ́. Gbogbo rẹ̀ wá jẹ́ kílò, mítà méjì, àáyá méjì lábẹ́.

Ó tún un kà. Ó rí bí ẹni tó wọ yàrá aya rẹ̀ láì kan ilẹ̀kùn.

"Tíṣà," ó wí jẹ́jẹ́, "àáyá kan sọnù."

Ó yẹ kí Tíṣà ti fi àkókò pín in. Mẹ́rìndínlógójì yẹn kì í ṣe ipá yíyí rárá. Bí a bá fi ọgbọ̀n bíréèkì pín in, àáyá kan àti díẹ̀ ni kẹ̀kẹ́ yóò fi dúró. Ṣùgbọ́n iye ìgbà tó yí ni òfin béèrè, kì í ṣe àkókò. Nítorí náà ó ṣírò agbára tó wà nínú kẹ̀kẹ́: ìdajì ìlọ́ra, lọ́nà eré, lọ́nà eré. Ó jẹ́ ọ̀tàlélọ́ọ̀dúnrún. Ó wọn òṣùwọ̀n rẹ̀: kílò, mítà méjì, àáyá méjì lábẹ́. Bákan náà pẹ̀lú ti ipá yíyí, láìyẹ̀ ní ibì kan.

Wẹ́dà yọjú wo páànù náà, ó rẹ́rìn-ín díẹ̀, àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ìsìnkú.

"Ẹ̀gbọ́n, bíréèkì jẹ́ ọgbọ̀n níútìn-mítà, kẹ̀kẹ́ jẹ́ ọ̀tàlélọ́ọ̀dúnrún níútìn-mítà. Adìẹ la fẹ́ fi dá màlúù dúró."

Bàbá Síkúrù fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà. Ó tún wo nọ́ńbà méjèèjì. Lẹ́yìn náà ó fa sípánà kan yọ, ó fi í lé orí bólútì kan tó ti dípẹtà mọ́ irin.

"Lọ́ ọ."

Wẹ́dà lọ́ ọ títí òógùn fi bò ó.

"Kí ló yí?"

"Kò sí. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀yìn mi."

"Ipá yíyí ń bẹ lọ́wọ́ rẹ. Agbára mélòó ni bólútì gbà?"

"Kò gba nǹkan kan. Àárẹ̀ tó mú mi wá ńkọ́?"

"Ara rẹ ló jẹ ẹ́. Bólútì kò yí, kò sì gba nǹkan kan."

Ó wá ṣàlàyé fún un. Ipá yíyí ní apá tó ń lọ, ọ̀tún tàbí òsì. Agbára kò ní apá kankan. Kí ipá yíyí tó di agbára, nǹkan gbọ́dọ̀ yí, kí a sì fi iye rédíàn tó yí sọ ọ́ di púpọ̀. Gígùn etí kẹ̀kẹ́ tó kọjá, tí a fi ìdajì ìbú kẹ̀kẹ́ pín, ni rédíàn. Mítà pa mítà rẹ́. Rédíàn ṣe iṣẹ́ rẹ̀, kò fi ipasẹ̀ òṣùwọ̀n kankan sílẹ̀, ìdí nìyẹn tí òṣùwọ̀n méjèèjì fi jọra bí ìbejì, bẹ́ẹ̀ wọn kì í ṣe ọmọ ìyá.

Ọ̀tàlélọ́ọ̀dúnrún pín sí ọgbọ̀n: rédíàn méjìlá. Yíyí méjì sì jẹ́ rédíàn méjìlá ààbọ̀ àti díẹ̀.

"Nítorí náà adìẹ tó," ni wẹ́dà wí.

"Bí mo bá rí ìdajì yẹn dáadáa," ni Bàbá Síkúrù wí. Ó mọ̀ pé òṣùwọ̀n kì í mú ìdajì tí ènìyàn bá gbàgbé, ìdajì kò wúwo lórí rẹ̀; ìṣirò ìlọ́ra pàápàá sì ní ìdajì tirẹ̀ nínú. Ó gbé kẹ̀kẹ́ náà sórí ìwọ̀n lẹ́ẹ̀kan sí i, ó wọn ìbú rẹ̀, ó sì tún ṣírò ìlọ́ra láti ìbẹ̀rẹ̀. 1.8 náà ló jẹ́. Ó wá ṣí ìwé Tíṣà, ó fa ìlà pa ìṣirò ti tẹ́lẹ̀ rẹ́, ó sì kọ tuntun sábẹ́ rẹ̀.

Ọjọ́ Ẹtì, ayẹ̀rọwò dé, obìnrin kan tí kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Ó fi ẹfun fa ìlà sétí kẹ̀kẹ́, ó jẹ́ kó sáré dé ibi tó yẹ, ó tẹ bíréèkì. Ìlà náà kọjá lẹ́ẹ̀kan. Ó ń bọ̀ lẹ́ẹ̀kejì, ó ń rọ̀, ó ń rọ̀, ó dúró nígbà tó ku bí ìbú ọwọ́ méjì kó pé yíyí kejì. Obìnrin náà tún un ṣe lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò yàtọ̀. Ó wá béèrè ìwé ìṣirò.

"Ta ló fa ìlà pa èyí rẹ́?"

"Èmi ni, Màdáàmù."

"Ta ló kọ ọ́?"

"Ìyàwó mi. Ara rẹ̀ kò yá nígbà yẹn."

"Ta wá ni ó kọ́ yín tí ẹ fi rí i, Bàbá?"

"Òun náà ni."

Obìnrin náà wò ó, ó buwọ́ lùwé. Wẹ́dà bọ́ síta, ó ní èéfín wọ òun lójú, bẹ́ẹ̀ wọn kò jó irin kankan lọ́jọ́ náà.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kejì, Bàbá Síkúrù ṣí àpótí tí kò tíì fọwọ́ kàn láti oṣù Kẹta. Ó jókòó, ó kọ ohun tí Tíṣà fi sílẹ̀, lọ́kọ̀ọ̀kan:

Awò ojú méjì, ọ̀kan ti sán.
Bàtà dúdú, gìgísẹ̀ ti jẹ.
Lẹ́ẹ̀dì pupa mẹ́ta.
Ìwé ìdánwò akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́rìnlá, a kò tíì máàkì.
Agboòrùn.
Àwòrán ẹ̀rọ kẹwàá, tí yóò máa tẹ páànù irin, pẹ̀lú fọ́múlà mẹ́fà. Mo ti wọn òṣùwọ̀n méjì nínú wọn. Ó ku mẹ́rin.