Gbòǹgbò Ọ̀rọ̀ Bàbá Aránbàtà

Bàtà ni Múálímà máa ń kọ́kọ́ kà tó bá ti dé ilé-kéú lẹ́yìn ìrun àsárì. Ọdún mẹ́rìnlá ló ti ń kọ́ àwọn obìnrin ní Kùránì nínú yàrá ìsàlẹ̀, bàtà ẹnu ọ̀nà rẹ̀ kì í sì í dín ní ọgbọ̀n, àfi ìgbà tí àbúrò rẹ̀ obìnrin darí dé láti ibi tó ti lọ kọ́ gírámà Lárúbáwá. Wọ́n fún àbúrò ní yàrá òkè. Kí oṣù mẹ́ta tó pé, bàtà mọ́kànlá ló kù nísàlẹ̀. Ti òkè kún orí àtẹ̀gùn débi pé ńṣe ni wọ́n ń fò ó kọjá.

"Ọlọ́hun á máa ràn án lọ́wọ́," ni Múálímà máa ń wí fún àwọn èèyàn, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń ta á bí ojú egbò tí ata kàn. Ṣebí òun ló kọ́ ọmọ yìí ní álífù? Ṣebí òun ló di ìka rẹ̀ mú lórí wàláà?

Nítorí náà, lọ́jọ́ Ajé tí Ìyá Aránṣọ gba ẹ̀gbẹ́ àtẹ̀gùn kọjá tó sì yà sí yàrá ìsàlẹ̀, ayọ̀ Múálímà kò ṣeé fẹnu sọ. Opó ni ìyá yìí, aṣọ tó ya ló ń bá àwọn ará àdúgbò rán.

"Múálímà mi, ẹ gbà mí," ni ìyá náà wí. "Ẹ rántí pé aránbàtà ni ọkọ mi tó kú fi mí sílẹ̀. Tí àwọn oníbàtà bá ti bú u tán, á rẹ́rìn-ín, á ní, 'Lílásíínà tásídárì.' Ọ̀rọ̀ náà gùn jù bẹ́ẹ̀ lọ, ṣùgbọ́n ohun tó kù létí mi nìyẹn. Ó ní inú Kùránì ló wà. Ogójì ọdún, mi ò bi í léèrè ìtumọ̀ rẹ̀! Ó wù mí kí n mọ̀ ọ́n kí èmi náà tó lọ."

"Ẹ fọkàn balẹ̀, ìyá. Ọjọ́bọ̀ ni kẹ́ ẹ padà wá."

"Ṣé ẹ ò ní pe àbúrò yín sí i?"

"Kò tó ohun tá à ń pe èèyàn méjì sí," ni Múálímà dáhùn, ojú rẹ̀ sì yí padà díẹ̀.

Ìgbà náà, kò tíì sí fóònù tí ń báni wá áyà, ìyẹn ẹsẹ Kùránì. Ìwé atọ́ka kan ṣoṣo ni ilé-kéú ní, ìwé ńlá tí wọ́n ti fi téèpù lẹ ẹ̀yìn rẹ̀. Kì í ṣe bí ọ̀rọ̀ ṣe dún ni wọ́n fi to ìwé náà, bí kò ṣe gbòǹgbò rẹ̀, ìyẹn lẹ́tà mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ ti hù jáde. Ẹni tó bá mọ gbòǹgbò á ṣí i, á bá gbogbo ọ̀rọ̀ tó ti ibẹ̀ wá, pẹ̀lú orúkọ súúrà àti òǹkà áyà. Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n dà bí ẹni tó ń kan ilẹ̀kùn ilé tí kò ní nọ́ńbà.

Múálímà mọ̀ pé "lílásíínà" ni "fún àwọn tí", ọ̀rọ̀ tó kún inú Kùránì bí iyanrìn. "Tásídárì" ló kù tí èèyàn lè dì mú. Ó wo síìnì, dálì, ráì: igi sídírì ló bá níbẹ̀. Ó wo sọ́ọ̀dì, dálì, ráì: àyà èèyàn ló pọ̀ jù níbẹ̀, àti ibì kan nínú súúrà tó sọ̀rọ̀ ìmìtìtì ilẹ̀, níbi tí àwọn èèyàn ti máa jáde lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. "Yasidúrù" ló wà níbẹ̀. Ó sún mọ́ ọn. Ó ní ó tó.

Nígbà tó kà á fún Ìyá Aránṣọ lọ́jọ́bọ̀, ìyá náà mi orí. "Rárá o. Ọ̀rọ̀ àjíǹde kọ́. Tó bá sọ ọ́ tán, ńṣe ló máa ń dà bí ẹni tí wọ́n tù nínú."

Ìyá kúrò níbẹ̀, ó bá gun òkè lọ. Múálímà gbọ́ ìró ẹsẹ̀ rẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, ọ̀kọ̀ọ̀kan ń gún un láyà. Kó tó mọ ohun tó ń ṣe, ó ti gbé ìwé atọ́ka sínú báàgì.

Kò pẹ́ tí àbúrò sọ̀ kalẹ̀. "Àǹtí mi, ẹ kú iṣẹ́. Ìwé atọ́ka ò sí lórí pẹpẹ. Ṣé ẹ rí i?"

"Bóyá wọ́n ti gbé e lọ tún ẹ̀yìn rẹ̀ dì."

Ọjọ́ mẹ́ta gbáko ni Múálímà fi ń ṣí ìwé náà nílé, kò rí nǹkan kan. Lọ́jọ́ Àìkú, àbúrò kan ilẹ̀kùn, bébà kékeré lọ́wọ́ rẹ̀.

"Àǹtí mi, ó dà bíi pé mo ti rí gbòǹgbò rẹ̀. Lẹ́tà sáì, tí ń dún bí oyin tó ń fò, kò sí lẹ́nu tiwa. Síìnì la fi ń dípò rẹ̀, ohun tí Ìyá ń ṣe náà nìyẹn. Tá a bá wá fi sáì síbẹ̀, dálì tó tẹ̀ lé e kì í ṣe ọmọ onílé. Táì tí wọ́n fi kún ọ̀rọ̀ ni. Ìgbà tó jókòó ti sáì ló di dálì, kó lè rọ ẹnu lọ́rùn, bíi ti 'isidáádà', ọ̀rọ̀ Lárúbáwá tó túmọ̀ sí 'ó pọ̀ sí i'. Táì iwájú náà, àlejò ni. Tẹ́ ẹ bá yọ àlejò méjèèjì, sáì, ráì, yáì ló kù."

Ó kọ ọ́ sórí bébà: ز ر ي. Ó fi í sórí tábìlì, ó sì lọ.

Múálímà ti ilẹ̀kùn. Ó ṣí ìwé. Abẹ́ gbòǹgbò náà, ìlà kan ṣoṣo ló wà: تزدري, 'tásídárì' gan-an, Súúrà Húúdù, áyà kọkànlélọ́gbọ̀n. Ó gbé Kùránì. Ọ̀rọ̀ Ànábì Núhù ni, fún àwọn ọlọ́lá ìlú rẹ̀ tí wọ́n ń fi àwọn tálákà ẹ̀yìn rẹ̀ ṣẹ̀sín: mi ò ní sọ fún àwọn tí ojú yín ń tẹ́ńbẹ́lú pé Ọlọ́hun kò ní fún wọn ní oore kan, Ọlọ́hun ló mọ ohun tó wà nínú wọn jù lọ.

Ó kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ó pa Kùránì dé bí ẹni tí wọ́n ká mọ́.

Síbẹ̀, ìlara kì í tètè gbọ́ wàásù. Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ó gbé ìwé náà dé ṣọ́ọ̀bù Ìyá Aránṣọ, ó ka áyà náà, ó sì túmọ̀ rẹ̀.

"Áyúnúkúmù!" ni ìyá pariwo, abẹ́rẹ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. "Bó ṣe ń parí rẹ̀ nìyẹn! Ojú yín, ojú yín... Háà, baba mi! Òun ni wọ́n ń tẹ́ńbẹ́lú." Ó sunkún, ó rẹ́rìn-ín, ó wá di Múálímà lọ́wọ́ mú. "Ta ló dà bíi yín? Ọlọ́hun á gbé yín ga."

Múálímà tẹ́wọ́ gbà á. Àdúrà náà korò lọ́fun rẹ̀ bí ewúro, ṣùgbọ́n ó ń gbé e mì. Ibẹ̀ ni àbúrò wọlé.

"Ẹ̀gbọ́n rẹ ti rí i o!" ni ìyá wí.

Àbúrò wo ẹ̀gbọ́n rẹ̀, ó wo ìwé tó wà lórí itan rẹ̀, téèpù ẹ̀yìn rẹ̀ ń dán. "Ẹ kú iṣẹ́, Àǹtí mi," ló kàn sọ.

Ká ní ó bínú ni, Múálímà ì bá rí ẹnu jà.

"Ìyá," ni Múálímà wí, "èmi kọ́. Àbúrò mi ló rí gbòǹgbò rẹ̀. Èmi kàn ṣí ojú ìwé ni. Ìwé náà pàápàá, èmi ni mo gbé e pa mọ́, kó má bàa rí i."

Ìyá Aránṣọ yíjú sí àbúrò.

"Mo mọ̀," ni àbúrò wí jẹ́ẹ́. "Etí rẹ̀ yọ nínú báàgì yín lọ́jọ́bọ̀."

"Kí ló wá dé tó o fi gbé gbòǹgbò wá bá mi?"

"Ẹ̀yin ni ìwé wà lọ́wọ́ yín, Àǹtí mi. Ìyá sì ń dúró."

Ìyá Aránṣọ wò wọ́n títí, ó ní kí àwọn méjèèjì tẹ́ àtẹ́lẹwọ́. Ó ṣàdúrà fún ẹ̀gbọ́n. Nígbà tó kan àbúrò, àdúrà gùn ju ti àkọ́kọ́ lọ dáadáa. Múálímà gbọ́ ọ, ó sì dùn ún wọra, ó ṣe "àmín" síbẹ̀, ó ṣe é sókè.

Nígbà tí wọ́n jáde sójú títì, ẹ̀gbọ́n ń wo iwájú.

"Tún ti dálì yẹn sọ fún mi," ló wí. "O yára jù lánàá."