Orílẹ̀-Èdè Wo Ló Ni YOL?

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí Fáòsíátù ṣe fẹ́ràn ọkọ rẹ̀ tó, kó má wo ojú rẹ̀ o, ẹnu rẹ̀ ni kó máa tẹ́tí sí. Láti ìgbà tí Alájì Àkànní bá ti jí ni ìyàwó rẹ̀ yóò ti máa bá a wí. Fìlà rẹ̀ wọ́. Ṣúgà tó bu sínú tíì ti pọ̀ jù. Bàtà tó kó sẹ́sẹ̀ yẹn, ṣé bàtà àgbàlagbà nìyẹn? Alájì a máa rẹ́rìn-ín ní tirẹ̀, torí ó mọ̀ pé ọjọ́ tí Ìyá Muheez bá dákẹ́ ni ọ̀ràn dé. Àfi bí ọ̀ràn ṣe dé lóòótọ́ ní ọ̀sán Sátidé kan, nílé wọn ní Ìbà, nígbà tí Alájì lọ kírun Àlàásárì.

Ó gbàgbé fóònù sórí àga. Fóònù dún, ojú rẹ̀ tàn, Fáòsíátù sì yọjú wò ó. Ẹ má dá a lẹ́bi. Obìnrin tó ti ń bá ọkùnrin gbé láti ìgbà tí Ìbà ṣì jẹ́ igbó, fóònù ta ni ẹ fẹ́ kó máa wò? Ọ̀dọ̀ Mọ́rúfù, ẹni tó ń ta tíkẹ́ẹ̀tì bàálù ní Òkòkòmáìkò, ni àtẹ̀jíṣẹ́ náà ti wá. Kò sì gùn. Ó ní kí Alájì fọkàn balẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti dájú, Ọjọ́bọ̀ ni, LOS–ABV–YOL.

Tíkẹ́ẹ̀tì bàálù kẹ̀? Ìsẹ́yìn ni Alájì sọ pé òun ń lọ l'Ọ́jọ́bọ̀, fún ìpàdé ẹbí. Ó tiẹ̀ bẹ ìyàwó rẹ̀ pé kó sin òun dé Ìkẹjà láàárọ̀ ọjọ́ náà, pé nǹkan kan wà tí òun fẹ́ gbà níbẹ̀ kí òun tó wọkọ̀. Láyé Ọlọ́run yìí, ta ló ń wọ bàálù lọ sí Ìsẹ́yìn?

Fáòsíátù gbé fóònù náà tọ Dámilárá lọ ní ẹ̀yìn ilé. Dámilárá ni ọmọ yunifásítì tó háyà yàrá kan lọ́dọ̀ wọn, ọmọ tó gbọ́n, tó sì mọ̀ pé òun gbọ́n. Ó wo lẹ́tà náà, ó ní LOS, Èkó nìyẹn. ABV, Àbújá ni. YOL nìkan ni òun ò tíì rí rí, ṣùgbọ́n kò le, Kánádà ni. Ẹ̀gbọ́n òun wà ní Kágárì, YYC ni wọ́n ń kọ sórí tíkẹ́ẹ̀tì tibẹ̀. Tòróńtò ń jẹ́ YYZ, Fankúfà ń jẹ́ YVR. Gbogbo pápákọ̀ Kánádà ló ń fi Y bẹ̀rẹ̀. Fáòsíátù bi í pé kí wá ni Àbújá ń wá níbẹ̀. Ọmọ náà ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń gba Àbújá jáde nílùú báyìí. Kò tiẹ̀ yẹ̀ ẹ́ wò lórí fóònù rẹ̀. Ohun tó bá ti dá èèyàn lójú, ta ló tún ń yẹ̀ ẹ́ wò?

Kánádà! Ibẹ̀ ni Muheez, àkọ́bí wọn, wà. Ó ti pẹ́ tó ti ń bẹ̀ wọ́n pé kí wọ́n wá máa gbé lọ́dọ̀ òun. Alájì ní páásípọ́ọ̀tù láti ọdún tó lọ sí Mẹ́kà. Fáòsíátù kò ní, torí òun fúnra rẹ̀ ló sọ pé ohun tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò bá kan ilẹ̀ kò lè gbé òun lọ sí ibì kankan. Ó wá hàn kedere pé Alájì nìkan ló ń lọ. Èyí tó wá dùn ún jù ni ti Ìkẹjà, níbi tí pápákọ̀ òfurufú wà. Ṣé òun ni yóò wá ru báàgì rẹ̀ dé ibi tí yóò ti fi òun sílẹ̀?

Ó jókòó sí pálọ̀ tí kò tan iná. Ọmọ méjì péré ni Ọlọ́run fún wọn. Muheez wà lókè òkun. Ayọ̀ọlá, àbíkẹ́yìn, fẹ́ sọ́jà kan tó wà ní bárékè tí kò jìnnà sọ́dọ̀ wọn. Kò pẹ́ tí wọ́n ṣègbéyàwó ni ìjọba gbé sọ́jà náà padà sí ìhà Òkè Ọya níbi tí wọ́n bí i sí, ó sì mú Ayọ̀ọlá dání. Láti ọjọ́ náà Fáòsíátù kò gbé ìpè ọmọ rẹ̀. Kì í ṣe pé ó kórìíra sọ́jà yẹn o. Ọmọ tó máa ń bá a pa ìsọ̀ rẹ̀ dé lálaalẹ́ ni wọ́n mú lọ sí ibi tí ojú òun kò tó, inú bí i, ìbínú náà sì pẹ́ títí tí kò fi mọ bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ kalẹ̀ mọ́. Ó gbọ́ lẹ́nu Alájì pé Ayọ̀ọlá ti lóyún. Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Bí Alájì bá wá lọ báyìí, ta ló kù nílé? Òun àti ògiri.

Nígbà tí Alájì dé, fìlà rẹ̀ wọ́, ìyàwó rẹ̀ kò sì sọ nǹkan kan. Alájì bu ṣúgà sínú tíì, ó bù ú kún un, ó ń fi ojú wá wàhálà. Fáòsíátù ní kó mu ún kó tó tutù. Àyà Alájì já.

Ní ọjọ́ Ajé, Fáòsíátù wé gèlè, ó wọ mọ́tò, ó di Òkòkòmáìkò. Ṣọ́ọ̀bù Mọ́rúfù kò fẹ̀ ju kí ènìyàn mẹ́rin jókòó lọ, kọ̀ǹpútà kan ló wà níbẹ̀ àti fáànù kan tó ń kígbe ju afẹ́fẹ́ tó ń fẹ́ lọ. Bí Mọ́rúfù ṣe rí i, ó dìde, ó dọ̀bálẹ̀, ó sì yí ojú kọ̀ǹpútà náà sí ọ̀dọ̀ ara rẹ̀. Fáòsíátù rí i. Ó jókòó láìjẹ́ pé wọ́n ní kó jókòó, ó ní òun kò wá bá a jà, ìbéèrè kan ṣoṣo ni òun bá wá. Orílẹ̀-èdè wo ló ni YOL?

Mọ́rúfù fọwọ́ pa orí. Ó ní Màmá, kí wọ́n dárí ji òun, òun ti ṣèlérí fún Alájì. Fáòsíátù ní òun kò béèrè ọ̀rọ̀ Alájì. Ẹnikẹ́ni tó bá ti òpópónà wọlé wá bi í ní ìtumọ̀ lẹ́tà mẹ́ta, ṣé kò ní dá a lóhùn ni? Mọ́rúfù rò ó, ó rí i pé òótọ́ ni, ó sì bi í pé kí ni Màmá fúnra wọn rò pé ó jẹ́.

“Kánádà,” ni Fáòsíátù wí. Ohùn rẹ̀ gbọ̀n nídìí ọ̀rọ̀ náà, inú sì bí i pé ó gbọ̀n.

Mọ́rúfù fẹ́ rẹ́rìn-ín, ó rí ojú rẹ̀, ó gbé ẹ̀rín náà mì. Ó wá fi sùúrù ṣàlàyé. Lóòótọ́ ni Y pọ̀ lára pápákọ̀ Kánádà, ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀ kò purọ́. Ṣùgbọ́n Kánádà nìkan kọ́ ló ni Y. Yáńbù wà ní Sáúdì, YNB ni tirẹ̀. Yàúńdé wà ní Kamẹrúùnù níbí, YAO ni wọ́n ń kọ ọ́. Kò sí òfin pé lẹ́tà àkọ́kọ́ ni yóò sọ orílẹ̀-èdè. Ìlú tàbí pápákọ̀ ni lẹ́tà mẹ́ta wọ̀nyẹn dúró fún. Ìgbà mìíràn wọ́n á jọ orúkọ ìlú, ìgbà mìíràn wọn ò ní jọ ọ́ dáadáa. Àbí ibo ni V wà nínú Àbújá? Ẹni tí kò bá mọ̀ ọ́n, kò gbọdọ̀ méfò, kó wá a jáde ni. Bí kò bá sì rí ibi tí yóò ti wá a, kó wo àkókò tí bàálù gbéra àti èyí tó balẹ̀.

Ó kọ ọ́ sórí bébà kan, ó tì í síwájú ìyá náà. Bàálù yóò gbéra ní Àbújá lọ́sàn-án, yóò sì balẹ̀ sí YOL lẹ́yìn wákàtí kan lé díẹ̀. Kò sí àyípadà aago láàárín ibi méjèèjì.

Fáòsíátù wo bébà náà. Ọjọ́ tí Muheez lọ, òun kò sùn, ó ń dúró de ìpè rẹ̀. Ilẹ̀ ṣú, ilẹ̀ mọ́, ọmọ náà ṣì wà lójú ọ̀run. Wákàtí kan lé díẹ̀ kò lè gbé ènìyàn dé Kánádà. Kò tiẹ̀ lè gbé e dé Mẹ́kà.

“Nàìjíríà ni,” ló wí.

“Nàìjíríà ni, Màmá.”

Ìlú wo ló wà ní Nàìjíríà tí orúkọ rẹ̀ fi lẹ́tà yẹn bẹ̀rẹ̀, tó jìnnà sí Àbújá tó báyẹn? Fáòsíátù kò bi Mọ́rúfù. Ó ti mọ̀ ọ́n. Ìlú ọkọ Ayọ̀ọlá ni. Yólà. Ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Alájì kò sá lọ. Ọ̀dọ̀ ọmọ wọn ló ń lọ, ó sì ń fi pamọ́ fún òun, torí òun ti sọ ilé wọn di ibi tí wọn kò ti lè dárúkọ ọmọ. Ìtìjú náà gbóná lára rẹ̀ ju oòrùn ìta lọ.

Ó béèrè bóyá Ayọ̀ọlá ti bí. Mọ́rúfù ní kò tíì bí, ó kù díẹ̀. Ó wá wo ilẹ̀kùn bí ẹni pé Alájì lè wọlé, ó sì yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Orúkọ méjì ló wà níbẹ̀. Ti Alájì, àti ti Fáòsíátù.

“Èmi?”

Mọ́rúfù jẹ́wọ́ gbogbo rẹ̀. Alájì ní òun mọ ìyàwó òun, pé bí òun bá sọ ọ́ nílé, yóò kọ̀, yóò sì fi bàálù náà ṣe àwáwí. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ti dé pápákọ̀ ní Ìkẹjà, tí òun sì sọ fún un pé tíkẹ́ẹ̀tì náà kì í ṣe èyí tí wọ́n ń dá padà, kò ní gbà kó ṣòfò. Páásípọ́ọ̀tù kò sì pọn dandan fún ìrìn abẹ́lé, káàdì ìdánimọ̀ ti tó.

Fáòsíátù ní ọlọ́gbọ́n ẹ̀wẹ́ ni Àkànní. Ó sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ẹ̀ẹ̀kejì pẹ̀lú ẹ̀rín, omijé sì ń bọ́ lójú rẹ̀ lákòókò kan náà. Ó nu ojú, ó béèrè iye ẹrù tí wọ́n máa ń gbà kí èèyàn gbé. Mọ́rúfù sọ fún un. Ó ní kò tó.

Nígbà tó délé, Alájì wà ní pálọ̀. Kó tó yọ bàtà, Alájì ti bẹ̀rẹ̀ sí í sọ nípa ìpàdé Ìsẹ́yìn, bí àwọn àgbà ẹbí ṣe ń retí òun. Ó ti ń sọ ọ́ láti ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó sì ti ń dára sí i lẹ́nu rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ jẹ́ kó sọ ọ́ tán. Ó jókòó tì í, ó tún fìlà rẹ̀ ṣe.

“Fìlà yín wọ́ látàárọ̀,” ni ó wí. “Ẹ pe Ayọ̀ọlá. Ẹ sọ fún un pé kó má wá ẹni tí yóò bá a wẹ ọmọ.”

Alájì wò ó. Ó tẹ nọ́ńbà náà, ṣùgbọ́n kò gbé fóònù sí etí ara rẹ̀. Ó nà án sí ìyàwó rẹ̀.

“Ìwọ ni kó o sọ fún un, Ìyá Muheez.”

Ó ń dún, ó ń dún. Ayọ̀ọlá gbé e níkẹyìn, ó rò pé Alájì ni, ó pè é ní Bàámi, ó béèrè bí ara wọn ṣe wà. Fáòsíátù kàn mí sínú fóònù.

Ohùn ọmọ náà yí padà.

“Màámi?”

“Èmi ni,” ni Fáòsíátù wí. “Má tíì bí i o. Dúró dè mí.”