Bàbá Kan Tó Di Púpọ̀

Ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kẹta, àbúrò mi obìnrin, nọ́ọ̀sì tí ẹ̀jẹ̀ kì í bà lẹ́rù, fi ẹ̀rù jókòó níwájú tábìlì kan. Ìdánwò Gẹ̀ẹ́sì ni, apá tí wọ́n ti ń fi ẹnu sọ ọ́. Ilé ìwòsàn kan lókè òkun ti gbà á síṣẹ́, bó bá sáà ti gba máàkì méje nínú mẹ́sàn-án níbẹ̀.

Ẹni tó ń kọ́ ọ, Ọ̀jọ̀gbọ́n Imú là ń pè é. Bó bá fi Gẹ̀ẹ́sì kí ọ, wàá rò pé ọ̀fìnkìn ló ń ṣe é. Kò ṣe ìdánwò náà rí, ṣùgbọ́n yàrá rẹ̀ tó wà lókè ṣọ́ọ̀bù bàtà kì í gba èrò tán.

"Sísítà, ẹ̀rù ló ń bà yín," ó wí. "Ẹ máa fi imú sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá sì ti bọ́, ẹ má padà lọ tún un ṣe. Ẹyin ni. Ta ló ń ṣa ẹyin tó ti fọ́?"

"Wọ́n ní èèyàn lè tún ọ̀rọ̀ ara rẹ̀ ṣe, sà."

"Ẹ lọ bá àwọn tó ní bẹ́ẹ̀ kí wọ́n kọ́ yín."

Àbúrò mi gbé ìmọ̀ràn náà lọ sílé. Ojoojúmọ́ ló ń fi imú ròyìn bàbá wa níwájú dígí. Bàbá wa á jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, wọ́n á máa mi orí. "Ọmọ yìí gbọ́ èèbó," ni wọ́n máa ń wí.

Lọ́jọ́ ìdánwò, káàdì tí wọ́n fún un ní kó sọ nípa ẹni tó kọ́ ọ ní nǹkan kan. Ohun tó ti ń dán wò gan-an nìyẹn. Wọ́n fún un ní ìṣẹ́jú kan kó fi ronú, ó sì bẹ̀rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀rù ti mú un, ìgbà tí ẹ̀rù bá sì mú ọmọ tó gbẹ̀kọ́, ẹ̀kọ́ ilé ló ń sá padà sí. Ọmọ wo ló ń pe bàbá rẹ̀ ní "ó"? "Wọ́n" ló ń pè é, lédè Gẹ̀ẹ́sì: wọ́n kọ́ mi ní kẹ̀kẹ́, wọ́n kì í nà mí, ẹsẹ̀ ń dùn wọ́n. Gẹ̀ẹ́sì kò sì mọ àgbà. "Wọ́n" tó bá wọ inú rẹ̀, èrò ni.

Nígbà tó parí, olùdánwò rọra bi í pé, "Ṣé gbogbo wọn ṣì jọ ń gbé?"

Ó yé e lójú ẹsẹ̀. Bàbá kan ṣoṣo ni, ọ̀rọ̀ náà ti dé ẹnu rẹ̀. Ló bá rántí ẹyin.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó fi imú dáhùn. "Gbogbo wọn."

Apá tó kù jẹ́ ìfọ̀rọ̀wérọ̀: ṣé àgbà ló ń kọ́ni jù ni, àbí ilé ìwé? Àbúrò mi ṣì ń ka bàbá nínú ọkàn rẹ̀. Ó fi ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan dáhùn.

Mẹ́fà àti ààbọ̀ ló gbà.

"Imú yín ni kò tó," Ọ̀jọ̀gbọ́n wí.

Bàbá wa bi í léèrè pé, "Èmi mélòó lo kà fún wọn?" Àbúrò mi kò rẹ́rìn-ín.

Ilé ìwòsàn náà kò dúró kó tún un ṣe. Wọ́n gba ẹlòmíràn. Iṣẹ́ náà ti lọ.