Wọ́n Ṣí Àsíá Lọ Síbi Tí Omi Ti Dákẹ́

Bí ẹ bá fẹ́ mọ ibi tí ikú lúgọ sí ní etíkun, ẹ má wulẹ̀ wo ibi tí ìgbì ti ń ké ramúramù. Ọ̀rọ̀ Ìyá Fèrè nìyí, ó sì ti sọ ọ́ títí ẹnu rẹ̀ fi fẹ́rẹ̀ẹ́ bó. Òun ni olórí àwọn ẹ̀ṣọ́ tó ń dóòlà àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ níwájú òtẹ́ẹ̀lì ńlá kan, fèrè tó máa ń so mọ́ ọrùn ni wọ́n sì fi sọ ọ́ lórúkọ. Láràárọ̀, kí àlejò kankan tó jí, á gun àga gíga tí wọ́n fi pákó kàn, á sì wo omi fínnífínní. Níbi tí ìgbì bá ti ń fọ́ funfun léraléra, omi ibẹ̀ kò jìn, òkìtì yanrìn ló wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ṣùgbọ́n bó bá rí àlàfo kan láàárín àwọn ìgbì, tí omi ibẹ̀ dúdú ju ti ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ lọ, tí ìgbì kò fi bẹ́ẹ̀ fọ́ níbẹ̀, tí ìfófòó àti koríko òkun sì ń gba ibẹ̀ wọ́ lọ sójú agbami, ó ti rí ohun tó ń wá. Gbogbo omi tí ìgbì ń kó wá sí etíkun gbọ́dọ̀ padà síbi tó ti wá, ojú ọ̀nà tó bá jìn ló sì máa ń gbà. Ẹni tó bá dúró sí ojú ọ̀nà náà, omi á gbé e lọ.

Lẹ́yìn èyí ni òun àti Gìrìpá, ẹ̀ṣọ́ kejì, á wá ri àsíá méjì mọ́lẹ̀, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan ní àwọ̀ pupa àti yẹ́lò, jìnnà sí àlàfo náà. Àárín àsíá méjèèjì ni kí èèyàn ti wẹ̀. Àwọn àgbà ní agbára òjò kò ní òun ò nílé wó, onílé ni kò ní gbà fún un. Àsíá méjì yìí ni Ìyá Fèrè fi ń sọ fún òkun pé òun ò gbà.

Wàhálà bẹ̀rẹ̀ nígbà tí Máníjà òtẹ́ẹ̀lì náà ra àga tuntun, àwọn àga gbọọrọ tí èèyàn lè sùn sí, tó sì tò wọ́n síwájú àlàfo gan-an, nítorí pé ibẹ̀ ló rẹwà jù lójú rẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn àlejò fi ń ráhùn pé ibi tí àsíá wà jìnnà, àti pé ìgbì ibẹ̀ ń gbá àwọn lójú. Máníjà bá ránṣẹ́ pe Ìyá Fèrè sí ọ́fíìsì rẹ̀, níbi tí ẹ̀rọ amúlétutù ti ń pariwo bí ẹni tó ní òtútù.

"Ìyá Fèrè, ẹ gbojú fèrèsé yìí wo ìta. Níwájú àga wa, omi dákẹ́ minimini. Kí ló dé tẹ́ ẹ fi ń kó àwọn èèyàn lọ síbi tí ìgbì ti ń nà wọ́n?"

"Ọ̀gá, ìgbì tó ń nà wọ́n yẹn, ilẹ̀ ló ń tì wọ́n bọ̀. Èyí tó dákẹ́ yẹn, agbami ló ń lọ."

"Ẹ̀yin náà ti fẹ́ràn ìbẹ̀rù jù."

"Ẹ ju ọsàn kan sí i, Ọ̀gá, kẹ́ ẹ wo ibi tó máa gbà."

Máníjà rẹ́rìn-ín, ó ní ọsàn kọ́ ló ń san owó yàrá. Ó gbé fóònù, ó sì kẹ̀yìn sí i. Inú bí Ìyá Fèrè débi pé ó gbàgbé láti ti ilẹ̀kùn nígbà tó ń jáde. Kí ni èèyàn á sọ fún ẹni tó ń ti inú fèrèsé wo òkun?

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin àti aya rẹ̀, tí gbogbo ẹbí ń pè ní Ìyàwó, wá kí i. Bùọ̀dá Ẹja ni gbogbo ilé ń pè é, nítorí pé nígbà èwe rẹ̀, kò sí ẹni tó lè bá a du eré nínú odò. Òun ló tọ́ Ìyá Fèrè dàgbà lẹ́yìn ikú bàbá wọn, kò sì sí ọjọ́ tí àbúrò yìí bá a jiyàn rí. Lálẹ́ tí wọ́n dé, bí wọ́n ṣe ń jẹun, Ìyàwó béèrè bí èèyàn ṣe ń bọ́ bí òkun bá fà á.

"Má bá a jà," ni Ìyá Fèrè sọ fún un. "Kì í fa èèyàn rì, ó kàn ń gbé e lọ ni. Fẹ̀yìn lé omi, kí o léfòó, kí o nawọ́ sókè kí a lè rí ọ. Bí agbára bá wà, lúwẹ̀ẹ́ gba ẹ̀gbẹ́, kí o máa tọ etíkun lọ sí ibi tí ìgbì ti ń fọ́. Bí o bá ti kúrò lójú ọ̀nà rẹ̀, ìgbì á bá ọ dé ilẹ̀. Ṣùgbọ́n àárín àsíá ni kẹ́ ẹ wà, ọ̀rọ̀ yẹn ò ní ṣẹlẹ̀."

"Ìyàwó wa, má dá a lóhùn," ni Bùọ̀dá Ẹja wí, ó ń fi eyín fa ẹran. "Èmi tí mo ń wẹ odò lòdì sí ìṣàn! Ṣé omi iyọ̀ ló wá fẹ́ kọ́ mi?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Odò kì í ṣe òkun, ṣùgbọ́n ta ló máa sọ bẹ́ẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí oúnjẹ?

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, omi òkun ti ń fà sẹ́yìn, àkókò yẹn gan-an ni ojú ọ̀nà náà sì máa ń le jù. Ìgò fọ́ sí àlejò kan lẹ́sẹ̀, Ìyá Fèrè sì wọ yàrá ìtọ́jú lọ láti bá a dì í, ó fi Gìrìpá sórí àga gíga. Kò tíì dì í tán tí Máníjà fi pe Gìrìpá sọ̀kalẹ̀ pé kó wá bá wọn gbé agbòjò. Gìrìpá ní òun ò lè kúrò lórí àga. Máníjà bi í bóyá iṣẹ́ ti sú u. Gìrìpá bá sọ̀kalẹ̀ lọ gbé agbòjò. Bí ó ṣe kẹ̀yìn báyìí, Máníjà fọwọ́ ara rẹ̀ fa àsíá méjèèjì tu, ó gbé wọn lọ síwájú àga tuntun, ó rì wọ́n sí ọ̀tún àti òsì àlàfo náà. Ó gbọn yanrìn ọwọ́ rẹ̀ nù bí ẹni tó ṣe oore.

Ìyá Fèrè jáde, ó wo ibi tó ri àsíá sí láàárọ̀, kò rí nǹkan kan. Ó wo apá kejì.

Láàárín àsíá, nínú omi dúdú tó dákẹ́ yẹn, orí méjì ló ń jìnnà lọ. Ìyàwó ni ọ̀kan. Bùọ̀dá Ẹja ni èkejì. Wọ́n ti pa òfin rẹ̀ mọ́ láìyẹ ẹsẹ̀: wọ́n wá àsíá, wọ́n rí àsíá, wọ́n wọ àárín rẹ̀.

Ó fun fèrè, ó gbé rọ́bà ìdóòlà rẹ̀, ó sì pe Gìrìpá kó mú tirẹ̀. Ó sáré wọ àlàfo náà fúnra rẹ̀, nítorí pé omi tó ń gbé èèyàn lọ lè tètè gbé adóòlà dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ìyàwó fẹ̀yìn lé omi, imú rẹ̀ wà lókè, ó na ọwọ́ kan sójú ọ̀run. Omi ti gbé e kọjá ibi tí ìgbì ti ń fọ́, ipá omi sì ti rọ̀ níbẹ̀. "Gìrìpá, mú Ìyàwó!" Ṣùgbọ́n Bùọ̀dá Ẹja kọjú sí ilẹ̀ tààrà, ó ń gbá omi pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀, kò sì sún mọ́ ilẹ̀ rárá. Ó ń jà lójú kan. Apá rẹ̀ ti ń wúwo, ẹnu rẹ̀ sì ti ń gba omi.

"Bùọ̀dá, ẹ dẹ́kun! Ẹ má bá a jà mọ́!"

Kò gbọ́. Orí rẹ̀ wọlé, ó jáde, ó tún wọlé. Ìyá Fèrè ti rọ́bà náà síwájú ara rẹ̀ kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ má baà dì mọ́ òun lọ́rùn kí àwọn méjèèjì sì bá omi lọ. Ọwọ́ kan jáde látinú omi, ó sì gba rọ́bà mú. Ìyá Fèrè fà á, kì í ṣe sí ilẹ̀, ẹ̀gbẹ́ ló fà á sí, ó ń ta ẹsẹ̀, ó ń tọ etíkun lọ, títí ìgbì funfun fi dé bá wọn láti ẹ̀yìn tó sì tì wọ́n sórí yanrìn.

Nínú yàrá ìtọ́jú, Bùọ̀dá Ẹja bi omi títí kò fi sí nǹkan kan nínú rẹ̀ mọ́. Ó dùbúlẹ̀ sábẹ́ aṣọ, ó ń gbọ̀n. Ìyàwó jókòó tì í, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú. Máníjà wọlé, ó rọra ti ilẹ̀kùn.

"A dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run. Ìyá Fèrè, àwọn àlejò ń béèrè. Ẹ ṣáà jáde, kẹ́ ẹ sọ fún wọn pé wọ́n kọjá àsíá ni, pé bàbá yìí ṣe orí kunkun."

"Wọn ò kọjá àsíá."

"Ṣé ẹ fẹ́ ká ti ilé yìí pa?"

Bùọ̀dá Ẹja gbé orí sókè. Ohùn rẹ̀ ti há. "Àbúrò mi, jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Iṣẹ́ rẹ nìyí. Èmi ni mo ṣe agídí, mo bá omi jà. Gba ọ̀rọ̀ náà fún mi."

Ìyá Fèrè wo ẹni tó tọ́ ọ, omi iyọ̀ ṣì wà lójú rẹ̀. Ṣé ẹni tí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ pa náà ló tún ń bẹ̀ ẹ́ kó purọ́?

"Bùọ̀dá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ dárí jì mí. Mi ò lè gbà á. Àárín àsíá lẹ wà. Bí mo bá ní ẹ kọjá rẹ̀, ẹni tó bá tún wọ ibẹ̀ lọ́la, èmi ni mo pa á." Ó yíjú sí Máníjà. "Gìrìpá ti sọ fún mi. Ẹ̀yin lẹ fọwọ́ ara yín tu àsíá. Ẹ ò wo omi, ẹ ò bi ẹnikẹ́ni. Ohun tó ń dóòlà ẹ̀mí lẹ sọ di pańpẹ́!"

Ó jáde. Àsíá ṣì wà níbẹ̀! Gìrìpá dúró nínú omi tó mu ún dé orúnkún, ó na ọwọ́ méjèèjì, ó ń bẹ àwọn èèyàn pé kí wọ́n padà, àwọn kan sì ń bá a jiyàn pé ṣebí àsíá nìyí. Ìyá Fèrè fa méjèèjì tu. Ó ri àsíá pupa kan ṣoṣo, èyí tó ń sọ pé kí ẹnikẹ́ni má wọ omi, síwájú àlàfo náà, ó fun fèrè títí gbogbo orí fi yí. Máníjà ti dé ẹ̀yìn rẹ̀.

"Iṣẹ́ yín ti parí níbí. Lónìí yìí!"

"Ó dáa, Ọ̀gá. Ṣùgbọ́n mi ò ní kúrò níbí títí ilẹ̀ á fi ṣú."

Máníjà yíjú sí àwọn àlejò, ó yọ́ ohùn rẹ̀. "Ẹ má bínú, ẹ̀yin èèyàn wa. Àwọn méjì yẹn kàn kọjá àsíá ni. Omi ibí yìí, ọmọdé lè wẹ̀ ẹ́."

Ìyàwó ti tẹ̀ lé wọn jáde. Aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára, yanrìn kún irun rẹ̀. Ó rìn gba àárín àwọn àga tuntun kọjá, ó dúró síwájú Máníjà.

"Ọ̀gá, ẹ ò lè lé èmi, àlejò yín ni mí. Ọmọdé lè wẹ̀ ẹ́, àbí? Ẹ bọ́ bàtà yín. Ẹ wọ̀ ọ́, ká rí yín."

Gbogbo ojú dúró sára Máníjà. Ó bẹ̀rẹ̀ sí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó bá a rín in. Ó wá yíjú sí omi náà, ó sì wò ó fínnífínní fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ tó ti ń ṣe ọ̀gá níbẹ̀. Ìfófòó funfun kan bọ́ sínú àlàfo níwájú rẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí lọ, kò yà sọ́tùn-ún, kò yà sósì, títí ojú wọn kò fi rí i mọ́.

Máníjà fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn. Lẹ́yìn náà ó fi èkejì tẹ̀ lé e.